Bí Ọ́dítọ̀ Ṣe Ń Jábọ̀ fún Ìgbìmọ̀ Ìṣúná Ìjọ

Ìwé méjì ni ọ́dítọ̀ ìjọ máa ń kọ́kọ́ gbé ka iwájú: ìwé tí àwọn tó ka owó ọrẹ fọwọ́ sí lẹ́yìn ìsìn, àti tẹ́là tí báǹkì lù ní òǹtẹ̀. Bí iye inú wọn kò bá dọ́gba, bí yóò ṣe sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀ di iṣẹ́ gidi.

Ká mú ìjọ kan tí wọ́n ka ₦412,000 lóṣù kan, tó jẹ́ pé ₦365,000 ló dé báǹkì. ₦47,000 ló wà láàárín. Kí ìpàdé tó wáyé, akápò ló yẹ kí ọ́dítọ̀ kọ́kọ́ bá jókòó. Níbẹ̀ ni rìsíìtì ₦32,000 ti lè jáde: epo jẹnẹrétọ̀ àti owó ọkọ̀ oníwàásù àlejò, tí wọ́n san látinú owó ọrẹ. Akápò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ lójú gbogbo ìgbìmọ̀ yóò máa gbèjà ara rẹ̀ ni. Kò ní ráyè wá rìsíìtì kankan.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ọ́dítọ̀ lè sọ ọ́ báyìí:

“Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ìwé owó ọrẹ oṣù kan la yẹ̀ wò. ₦412,000 ni wọ́n kà, ₦365,000 ló wọ báǹkì. A ti rí rìsíìtì ₦32,000, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ akápò tó wá a jáde. Ó ku ₦15,000 tí a kò tíì rí ìwé rẹ̀. A rí i pé wọ́n máa ń náwó kí owó tó dé báǹkì, kò sì sí fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń gba àṣẹ rẹ̀. A dábàá pé kí gbogbo owó ọrẹ máa lọ sí báǹkì, kí a sì ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìnáwó kéékèèké.”

“A kò tíì rí ìwé rẹ̀” ni gbogbo ohun tí ọ́dítọ̀ mọ̀. Bó bá sọ pé owó sọnù, ó ti kọjá ohun tí ìwé fi hàn. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi “owó díẹ̀” bo ₦15,000 mọ́lẹ̀, nítorí àwọn ará ìjọ yóò fi iye tiwọn sí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí alàgbà kan bá bèèrè ẹni tó kó o, ìdáhùn tòótọ́ ni: “Ìwé kò sọ ìyẹn fún wa, sà.”

Ó tún yẹ kó sọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ. Owó tó bá ti kúrò nínú àwo ọrẹ kí wọ́n tó kà á kò lè hàn nínú ìwé méjèèjì.

Bí wọ́n bá ti fi gègé yí iye orí tẹ́là padà ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé tí a kò rí mọ́. Pásítọ̀ àti àwọn alábòójútó ohun ìní ìjọ ni ọ́dítọ̀ yóò kọ́kọ́ fi ẹ̀dà rẹ̀ hàn ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó pe ìgbìmọ̀ jọ.