Ọkàn Ọmọ Yìí Kò Yí, Wáyà Ni Wọ́n Pààrọ̀

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ìyá kan fi fọ́tò bébà ECG ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ ọdún 19 ni, wọ́n ní kó lọ yẹ ara rẹ̀ wò kó tó lè bá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Ohun tí wọ́n fi báírò kọ sí ẹ̀gbẹ́ bébà náà kò ju èyí lọ:

```
HR 83. RAD. PR 4. QRS 2. QT 9. ?
```

RAD yẹn ni wọ́n túmọ̀ fún ìyá náà pé ọkàn ọmọ rẹ̀ ti yí sí ọ̀tún, pé kó lọ wá owó àyẹ̀wò míì. Ó ní òun kò fojú kan oorun fún ọjọ́ mẹ́ta. Inú bí mi nígbà tí mo wo bébà náà dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n tètè parí èyí tí kò le. PR 4, mẹ́rin kí ni? Ojú ilé kéékèèké inú bébà ni ẹni tó kọ ọ́ ń kà, ṣùgbọ́n kò sọ bẹ́ẹ̀, kò sì kọ bí bébà ṣe ń yára tó. Bébà yìí ń sáré ní mìlímítà 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ilé kékeré kan jẹ́ 40 ms. PR jẹ́ 160 ms, ó wà láàárín 120 sí 200 tó yẹ. QRS jẹ́ 80, kò dé 120. QT jẹ́ 360, ṣùgbọ́n a kì í dá QT nìkan ṣèdájọ́, nítorí pé bí ọkàn bá ṣe ń yára sí i ni QT ń kúrú sí i. Láti ìlù kan sí èkejì jẹ́ ilé 18, ìyẹn 0.72 ìṣẹ́jú àáyá, òun náà ló sì mú kí ìlù jẹ́ 83 ní ìṣẹ́jú kan. Tí a bá wá ṣe ìṣirò rẹ̀:

```
QTc = QT / √RR = 360 / √0.72 = 424 ms
```

Fún ọkùnrin, 424 kò burú, nítorí kò dé 450. Iye ìlù àti àwọn àlàfo kò ní wàhálà kankan. Ọ̀ràn wà níbi tí iná ọkàn kọjú sí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ti mọ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe.

Nígbà tí Willem Einthoven bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní ìlú Leiden, ṣe ni aláìsàn máa ń ki ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ òsì bọ inú omi iyọ̀. Ibi mẹ́ta yẹn náà la ṣì ń lò dòní. Wáyà ẹsẹ̀ ọ̀tún kò bá wọn wọnú ìṣirò. Ìyọkúrò lásán sì ni ìṣirò náà. Ojú I mú iná ọwọ́ òsì, ó yọ ti ọwọ́ ọ̀tún kúrò nínú rẹ̀. Ojú II mú ti ẹsẹ̀ òsì, ó yọ ti ọwọ́ ọ̀tún. Ojú III mú ti ẹsẹ̀ òsì, ó yọ ti ọwọ́ òsì. Bí èyí tó ṣẹ́kù bá ju òdo lọ, ìlà á gòkè. Bí kò bá tó òdo, á dorí kodò. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, iná ọkàn ń ti òkè ọ̀tún bọ̀ wá sí ìsàlẹ̀ òsì, ìdí nìyẹn tí ojú I fi ń gòkè. Bí ojú I bá gòkè tí aVF náà gòkè, iná ọkàn kọjú síbi tó yẹ. Bí ojú I bá dorí kodò tí aVF sì gòkè, ọ̀tún ló kọjú sí, òun ni RAD.

Ẹ̀rọ kò wá lójú tó fi lè mọ ọwọ́ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún. Orúkọ ara wáyà nìkan ló mọ̀. Bí ẹ bá gbé wáyà ọwọ́ kan sípò èkejì, ìyọkúrò ojú I á yí padà, ojú II àti III á pààrọ̀ ipò, aVR àti aVL náà á pààrọ̀. aVF kò ní yí rárá. Lórí bébà ọmọ yìí, tí a bá fi ilé kéékèèké ka QRS, ojú I jẹ́ -7, II jẹ́ 3, III jẹ́ 10. Ẹ dá wáyà padà sípò: I di 7, II di 10, III di 3. Ibi tí iná ọkàn kọjú sí kúrò ní nǹkan bí dígírì 133, ó bọ́ sí nǹkan bí 47, èyí tó wà láàárín -30 sí 90 tó yẹ. Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn ti fi òfin Einthoven dán an wò, pé I àti III pa pọ̀ dọ́gba pẹ̀lú II. Ó dọ́gba lóòótọ́, -7 àti 10 jẹ́ 3. Òfin náà kì í tú àṣírí wáyà ọwọ́ tó pààrọ̀.

Ohun tó ń tú u ni P, ìlà kékeré tó ń ṣáájú QRS. Bí ìlù bá ti orísun rẹ̀ gan-an wá, P gbọ́dọ̀ gòkè ní ojú I àti II, kó sì dorí kodò ní aVR. Lórí bébà yìí, P dorí kodò ní ojú I, aVR sì gòkè pátá, P àti QRS rẹ̀. Bí ọkàn bá kọjú sí ọ̀tún nítorí àìsàn, QRS á dorí kodò ní ojú I lóòótọ́, ṣùgbọ́n P sábà máa ń gòkè síbẹ̀. Àwọn kan wà tí a bí ọkàn wọn sí apá ọ̀tún, ti àwọn yìí sì jọ ti wáyà tó pààrọ̀. Ẹ wo àwọn ojú àyà láti V1 dé V6: tiwọn á máa kéré sí i bó ṣe ń lọ sí V6. Ti ọmọ yìí ń ga sí i láti V1 lọ, bó ṣe yẹ kó rí. Wáyà ni.

Ìdí nìyí tí àkọsílẹ̀ fi ní ètò tirẹ̀: iye ìlù, bí ìlù ṣe ń tò, ibi tí iná kọjú sí, àwọn àlàfo, lẹ́yìn náà ìdájọ́. Ẹni tó bá kọ ti ìtò ìlù dáadáa gbọ́dọ̀ wá P lọ kó tó sọ̀rọ̀ ọ̀tún tàbí òsì. Ẹni tó kọ eléyìí fò ó. Báyìí ni ì bá ti kọ ọ́:

Orúkọ, ọjọ́ orí, ọjọ́ àti aago. Bébà 25 mm/s, 10 mm/mV. Ìlù 83 ní ìṣẹ́jú kan. Ìlù dọ́gba, P kan ṣáájú QRS kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n P dorí kodò ní ojú I. Ibi tí iná ọkàn kọjú sí: bébà yìí kò ṣe é fi sọ. PR 160 ms, QRS 80 ms, QT 360 ms, QTc 424 ms. Ìdájọ́: ó dà bíi pé wáyà ọwọ́ méjèèjì pààrọ̀, ẹ tún un yà.

Wáyà kì í yí àkókò padà, torí náà àwọn àlàfo ṣì ṣe é lò. Àmì ìbéèrè kì í ṣe ìdájọ́. Ẹni tó bá fi sílẹ̀ fún aláìsàn ti sá fún iṣẹ́ tó gbowó lé lórí.

Ìkìlọ̀ kan ṣì kù tó ṣe pàtàkì. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ẹ̀rọ yìí, ẹ yé fi àwọ̀ nìkan de wáyà! Ẹ̀rọ tó tẹ̀lé ìlànà Yúróòpù ń fi pupa sí ọwọ́ ọ̀tún, yẹ́lò sí ọwọ́ òsì, gíríìnì sí ẹsẹ̀ òsì, dúdú sí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ti Amẹ́ríkà ń fi funfun sí ọwọ́ ọ̀tún, dúdú sí ọwọ́ òsì, pupa sí ẹsẹ̀ òsì, gíríìnì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Dúdú tí ọ̀kan ń fi sí ẹsẹ̀ ni èkejì ń fi sí ọwọ́. Lẹ́tà ara wáyà ni kí ẹ kà: R tàbí RA fún ọwọ́ ọ̀tún, L tàbí LA fún ọwọ́ òsì.

Mo ní kí ìyá náà dá ọmọ rẹ̀ padà lọ, kí wọ́n tún un yà lójú rẹ̀, kó má sì tíì san kọ́bọ̀ fún àyẹ̀wò míì. Wọ́n yà á láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ojú I gòkè, P rẹ̀ náà gòkè, aVR dorí kodò.