Ẹ Fi Pamọ́: Ọ̀rọ̀ Tó Yẹ Àwòrán Ìkẹyìn

Ká ní ìyá kan tó ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè gbé àwòrán 7 nípa mọ́ínmọ́ín sórí Instagram. Ó wá kọ ọ́ sí èyí tó kẹ́yìn pé: "Ẹ tẹ ọkàn, ẹ fèsì, ẹ tẹ̀lé mi, ẹ pín in." Ẹ̀bẹ̀ 4 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Èrò á tẹ ọkàn, wọ́n á sì kọjá lọ.

Ènìyàn lè tẹ ọkàn láì kàwé náà tán. Ẹni tó bá fi pamọ́ ní tiẹ̀ ní in lọ́kàn láti padà wá. Nítorí náà, ẹ dárúkọ ìgbà tó máa padà wá: "Ẹ fi èyí pamọ́ de ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ rẹ ẹ̀wà." Kí òṣùwọ̀n ẹ̀wà, tàtàṣé àti epo wà lókè gbólóhùn yẹn, kí òǹkàwé rí ohun tó ń pamọ́. Kí ọfà kékeré sì tọ́ka sísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, níbi tí àmì ìpamọ́ wà.

Tó bá jẹ́ ìkíni ọjọ́ìbí lẹ gbé jáde, ẹ má wulẹ̀ béèrè. Ta ló máa padà wá wò ó?

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ṣí Insights. Bí ènìyàn 1,000 bá rí i, tí 40 fi pamọ́, 4 nínú 100 nìyẹn. Ẹ fi wé ti àwòrán yín tó ṣáájú.