Ẹja Mẹ́ta, Aṣọ Méjì: Títún Àkọsílẹ̀ Ọjọ́ Kan Ṣe Lédè Mandárínì

Nínú èdè Mandárínì, nọ́ńbà kì í fara kan ohun tí wọ́n ń kà. Ọ̀rọ̀ kékeré kan gbọ́dọ̀ wà láàárín àwọn méjèèjì, èyí tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní liàngcí, ìyẹn ọ̀rọ̀ òdiwọ̀n. Ọ̀rọ̀ òdiwọ̀n yìí àti ètò ọ̀rọ̀ nínú gbólóhùn ló sábà máa ń fa àṣìṣe nínú ìwé tí ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ Mandárínì bá fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́. Yorùbá ló ṣì ń darí ọwọ́ tó ń kọ Mandárínì. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan:

昨天我去了市场跟妈妈。我们买了三鱼和二个衣服。我们吃了饭在家。晚上我看了书一个小时。书放在桌子上。我睡了在十点。

Bí wọ́n ṣe ń kà á nìyí: Zuótiān wǒ qùle shìchǎng gēn māma. Wǒmen mǎile sān yú hé èr ge yīfu. Wǒmen chīle fàn zài jiā. Wǎnshang wǒ kànle shū yí ge xiǎoshí. Shū fàng zài zhuōzi shang. Wǒ shuìle zài shídiǎn.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ń sọ ni pé: lánàá mo lọ sọ́jà pẹ̀lú màmá mi. A ra ẹja mẹ́ta àti aṣọ méjì. A jẹun nílé. Lálẹ́, mo kàwé fún wákàtí kan. Orí tábìlì ni mo gbé ìwé náà sí. Mo sùn ní aago mẹ́wàá.

Ó dára kí ẹni tó ń tún un ṣe kà á lẹ́ẹ̀mejì, kó má ṣe dá iṣẹ́ méjèèjì pọ̀. Nígbà àkọ́kọ́, kó wá gbogbo ibi tí nọ́ńbà wà, kó wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ibi mẹ́rin ni nọ́ńbà wà níhìn-ín: ẹja, aṣọ, wákàtí àti aago. Wákàtí àti aago kò ní àléébù ní ti kíkà. Ẹja àti aṣọ ló ní.

Ẹni tó bá ra ìrẹsì rí ní ọjà Yorùbá ti mọ ìdí ọ̀rọ̀ òdiwọ̀n. Kò sẹ́ni tó ń ra ìrẹsì mẹ́ta. Kóńgò ìrẹsì mẹ́ta ni wọ́n ń rà. Ìrẹsì jẹ́ orúkọ ohun tó pọ̀ bí ilẹ̀, kóńgò ló sì bù ú sí ìwọ̀n tí èèyàn lè kà. Mandárínì ka ẹja, aṣọ, ìwé, kódà èèyàn, mọ́ irú ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀. Yú kì í ṣe ẹja kan; ẹja lásán ni. Ọ̀rọ̀ òdiwọ̀n ló máa sọ ọ́ di ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí sān yú, tí kò ní ohunkóhun láàárín, fi dà bí ìgbà tí èèyàn ní òun ra ìrẹsì mẹ́ta.

Ìrísí nǹkan ló sábà máa ń yan ọ̀rọ̀ òdiwọ̀n fún un. Tiáo wà fún ohun tó gùn tó sì lè tẹ̀: ẹja, ejò, odò, ọ̀nà. Nítorí náà, sān tiáo yú ni ẹja mẹ́ta. Jiàn ni ti aṣọ, pàápàá èyí tí wọ́n ń wọ̀ sókè. Ṣòkòtò kúrò níbẹ̀, torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, tiáo ni wọ́n fi ń kà á. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí fi ge ka aṣọ. Ge ni ọ̀rọ̀ òdiwọ̀n tó wọ́pọ̀ jù lọ, òun ni akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń sá tọ̀ bí kò bá rántí èyí tó yẹ. Èèyàn á gbọ́ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n wọn á mọ̀ pé àlejò ni nínú èdè náà. Bí ẹni tó ń tún un ṣe kò bá dá ara rẹ̀ lójú, Lǚ Shūxiāng tẹ ìwé kan jáde ní 1980, 现代汉语八百词, tó ní àtẹ lẹ́yìn tó fi ọ̀rọ̀ orúkọ àti ọ̀rọ̀ òdiwọ̀n tó bá a mu hàn.

Ó ku èr. Yorùbá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣàlàyé èyí tán fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń ka nọ́ńbà lásán á ní ení, èjì, ẹ̀ta. Bó bá kan aṣọ, ó di aṣọ méjì. Èr dà bí èjì, liǎng dà bí méjì. Níwájú ọ̀rọ̀ òdiwọ̀n, liǎng ló yẹ: liǎng jiàn yīfu. Èjì nìkan ni Mandárínì ṣe bẹ́ẹ̀ fún, méjìlá sì ṣì jẹ́ shí'èr, kódà bí aṣọ bá tẹ̀ lé e.

Nígbà kejì, ètò ọ̀rọ̀ ló kàn. Kí ẹni náà fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe inú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kó sì wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Onímọ̀ èdè James Tai ṣàlàyé ní 1985 pé bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀ tẹ̀ léra ni Mandárínì ṣe máa ń to ọ̀rọ̀. Ohun tó ti wà nílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ á ṣáájú ọ̀rọ̀ ìṣe. Ohun tí iṣẹ́ náà bí á tẹ̀ lé e. Ìlànà yìí kò kó gbogbo gbólóhùn Mandárínì já, ṣùgbọ́n ó tó fún àkọsílẹ̀ yìí.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ náà tó tẹsẹ̀ bọ ọ̀nà ọjà ni màmá rẹ̀ ti wà pẹ̀lú rẹ̀. Gēn māma á ṣáájú qùle: wǒ gēn māma qùle shìchǎng. "Pẹ̀lú" ló ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Ká ní "bá" ló wà lọ́kàn rẹ̀, "mo bá màmá mi lọ sọ́jà", kò ní ṣì í, nítorí ibi tí bá wà gẹ́lẹ́ ni gēn wà. Ọjà ní tirẹ̀ dúró sẹ́yìn, torí pé lílọ ló gbé e débẹ̀.

Bákan náà, èèyàn ti wà nílé kó tó jẹun, zài jiā á sì ṣáájú chīle fàn. Aago mẹ́wàá lù kó tó sùn: wǒ shídiǎn shuì le. Aago kò nílò zài rárá níbẹ̀.

Wákàtí kan yàtọ̀ sí aago mẹ́wàá, ibẹ̀ sì ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé àkókò máa ń ṣáájú ti máa ń ṣìnà. Aago mẹ́wàá sọ ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Wákàtí kan sọ bó ṣe pẹ́ tó, kò sì sí bí ó ṣe lè pé kí ìwé kíkà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ìṣe ló yẹ kó wà, ṣùgbọ́n kí ìwé má dí i lọ́nà: kànle yí ge xiǎoshí shū. Wọ́n tún lè sọ ọ̀rọ̀ ìṣe náà lẹ́ẹ̀mejì: kàn shū kànle yí ge xiǎoshí.

Gbólóhùn tábìlì ni ẹni tó ń yára jù máa ń bà jẹ́. Ó rí zài lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìṣe, ó sì fẹ́ gbé e síwájú bíi ti ilé. Ṣùgbọ́n ìwé kò sí lórí tábìlì kí wọ́n tó gbé e síbẹ̀. Fàng zài zhuōzi shang tọ̀nà, kí ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn àtúnṣe, àkọsílẹ̀ náà á kà báyìí:

昨天我跟妈妈去了市场。我们买了三条鱼和两件衣服。我们在家吃了饭。晚上我看了一个小时书。书放在桌子上。我十点睡了。

Ọ̀rọ̀ tuntun kan ṣoṣo ló wọlé, tiáo. Ọ̀kan ló jáde, zài tó wà níwájú shídiǎn. Liǎng rọ́pò èr, jiàn rọ́pò ge. Gbogbo ìyókù jẹ́ ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra rẹ̀ kọ, ààyè wọn nìkan ló yí padà.