Iṣẹ́ Kan, Máàkì Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin jọ fi iṣẹ́ kan sílẹ̀, olùkọ́ sì fún un ní 60. Ẹnì kan ṣe é mọ́jú, ẹlòmíì kàn kọ orúkọ sí i ni. Ṣé máàkì kan náà ló yẹ wọ́n?

Ọ̀nà kan rèé: kí oníkálukú pín 30 fún àwọn mẹ́ta yòókù ní ìkọ̀kọ̀. Bí iṣẹ́ bá dọ́gba, 30 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí òṣìṣẹ́ bá gba 36, tí ọ̀lẹ gba 21, máàkì wọn yóò jẹ́:

60 × 36 ÷ 30 = 72
60 × 21 ÷ 30 = 42

Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ lè gbè sẹ́yìn ọ̀rẹ́. Bí olùkọ́ bá fi ìdajì 60 ṣe ti gbogbo wọn, tó jẹ́ ìdajì yòókù nìkan ló pín báyìí, yóò di 66 àti 51.