Owó Tó Lọ Lẹ́ẹ̀mejì

O fi 20,000 náírà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ, fóònù ní kò lọ, o tún un fi ránṣẹ́. Àṣé méjèèjì ló wọlé! Kí o tó kọ̀wé sí i, yẹ àkáǹtì tìrẹ wò ná, torí báńkì lè ti dá ọ̀kan padà. Bí wọn kò bá dá a padà, kọ ọ́ báyìí:

“Túndé, ẹ kú ilé o. Jọ̀ọ́, bá mi yẹ àkáǹtì rẹ wò. Owó àná, 20,000 náírà, lọ lẹ́ẹ̀mejì, ní aago 9:14 àti 9:17 àárọ̀. Rísíìtì méjèèjì rèé. Bí o bá rí méjèèjì, jọ̀ọ́ dá ọ̀kan padà sí àkáǹtì tó ti wá. Má bínú sí wàhálà mi.”

Àkókò àti rísíìtì ló ń mú kí ó rọrùn fún un láti wá a. Àkáǹtì tó ti wá ṣe pàtàkì, torí àwọn oníjìbìtì náà ń fi àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú béèrè owó “àṣìṣe”, wọ́n á sì ní kí o san án síbòmíràn. Nítorí náà, pè é lẹ́yìn tí o bá kọ̀wé tán, kó gbọ́ ohùn rẹ. Bó bá ní òun fẹ́ wo iye tó wà nínú àkáǹtì òun kọ́kọ́, má kà á sí àìfọkàntán.