Nígbà Tí Etí Ìwé Bá Gé Ìbéèrè Jẹ

Bí ìdánwò àṣejáde bá ti ń sún mọ́lé, kò sí ìwé tí àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ń wá kiri tó ìbéèrè ọdún tó ti kọjá. Ẹnì kan ní ìwé náà gan-an, ẹnì kejì ṣe fọ́tókópì rẹ̀, ẹnì kẹta ṣe fọ́tókópì ti fọ́tókópì, ẹnì kẹrin fi fóònù yà á, ó sì fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù. Nígbà tí yóò fi dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ yanjú rẹ̀, etí ọ̀tún ti lọ. Ẹ wo ìbéèrè yìí, tí mo hun fúnra mi kí a lè rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń rí:

```
Oníṣòwò kan yá ₦80,000 lọ́wọ́ báńkì fún ọd
3 ní èlé tí kì í gorí èlé. Iye èlé náà jẹ́ 1
lọ́dọọdún. Èló ni yóò dá padà lápapọ̀?
A ₦28,800        B ₦104,000
C ₦108,800       D ₦112,394.24
```

Kí ló wà lẹ́yìn 1 yẹn? Àwọn kan á fo ìbéèrè náà. Àwọn mìíràn á fi iye tó bá kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn dí ihò náà, wọn ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé àwọn dí i. Ti àwọn ẹ̀yìn yìí ló burú jù. Bí tíṣà bá rí ₦104,000 nínú ìwé ọmọ náà, kò ní mọ̀ bóyá ọmọ náà kò mọ ìṣirò, tàbí iye tó rí lórí bébà tirẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí ti tíṣà.

Ibi tó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ni wíwọn ihò náà. Ìwọ̀n bébà wà lára ohun tó ń fa irú gígé báyìí. Bébà A4 gùn ní mílímítà 297. Bébà fúlúsíkáàpù àtijọ́ gùn ní nǹkan bí 330. Bí a bá fi fúlúsíkáàpù ṣe fọ́tókópì sórí A4 láìdín in kù, mílímítà 33 ni kò ní ríbi gbé, ó sì lè kó ìlà mélòó kan ní ìsàlẹ̀ lọ. Ti etí ọ̀tún sábà máa ń wá láti ara ìwé tó nípọn: ibi tí wọ́n ti rán ìwé pọ̀ kì í tẹ́ pẹrẹsẹ lórí gíláàsì ẹ̀rọ, ìparí ìlà a sì wọnú òjìji dúdú tó wà níbẹ̀. Ohun tó dára nípa irú gígé bẹ́ẹ̀ ni pé gbogbo ìlà ló ń jẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ìlà tí a lè parí fúnra wa á sọ fún wa bí èyí tí a kò lè parí ṣe sọnù tó.

Ẹ padà sí ìlà àkọ́kọ́. Ó parí sí “ọd”, ìlà kejì sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “3”. “Ọdún” ni, kò lè jẹ́ ohun mìíràn. Lẹ́tà méjì ló lọ níbẹ̀. Bí ìwé náà bá jẹ́ irú èyí tí ìparí gbogbo ìlà tò gún régé ní ọ̀tún, a jẹ́ pé nǹkan bí àmì méjì ló lọ lẹ́yìn 1 náà: nọ́ńbà kan àti àmì %. Ìyẹn ni pé èlé náà wà láàárín 10% sí 19%. 1% nìkan kéré fún àlàfo náà, 12½% sì ti fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀. Mi ò ní fi orí mi wé e lórí ìyẹn ṣá o, nítorí pé lẹ́tà kì í fẹ̀ bákan náà. Bí ìparí àwọn ìlà bá sì rí ṣégeṣège láti ìbẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n yìí kò wúlò tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìdáhùn mẹ́rin tó wà nísàlẹ̀ kò gé, àwọn ni yóò sì ràn wá lọ́wọ́ jù. Ẹ jẹ́ ká pe iye èlé tí a kò mọ̀ ní r. Èlé ọdún mẹ́ta lórí ₦80,000 jẹ́ 80,000 × r × 3 ÷ 100, èyí tí í ṣe 2,400r. Gbogbo owó tí yóò dá padà jẹ́ 80,000 + 2,400r.

A kò lè jẹ́ ìdáhùn, torí pé kò sí bí ẹni tó yá ₦80,000 ṣe máa dá ₦28,800 padà lápapọ̀. B máa ń bọ́ sí i bí r bá jẹ́ 10. C máa ń bọ́ sí i bí r bá jẹ́ 12. Bí D bá ni ìdáhùn, r á jẹ́ nǹkan bí 13.498, kò sì sí olùkọ́ tí í fi irú iye bẹ́ẹ̀ ṣe ìbéèrè. Ó ku 10 àti 12. Ní báyìí, ẹ ronú bí ẹni tó ń ṣe ìbéèrè. Àwọn ìdáhùn tí kì í ṣe òótọ́ kì í ṣàdédé wá. Ó ń dẹ wọ́n sílẹ̀ de àṣìṣe tó mọ̀ pé àwọn ọmọ máa ń ṣe. Èlé nìkan ní 12% jẹ́ ₦28,800: A nìyẹn, ó wà fún ẹni tó gbàgbé láti fi owó tí wọ́n yá kún un. Bí ẹnì kan bá sì jẹ́ kí èlé gorí èlé ní 12% fún ọdún mẹ́ta, ₦112,394.24 ló máa bá a: D nìyẹn. Ká ní 10% ni, èlé nìkan á jẹ́ ₦24,000, a ò sì rí i níbẹ̀. Ara 12 ni mẹ́ta nínú mẹ́rin ti jáde.

Mo ní ìdánilójú tó pọ̀, síbẹ̀ n kò tíì rí nọ́ńbà náà lójú. Ohun tó yẹ kí n kọ, kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò kankan, nìyí:

“Etí bébà gé iye èlé lẹ́yìn 1. Mo gbà pé 12% ni, nítorí pé A, C àti D bá 12% mu. Bí ó bá jẹ́ r% mìíràn, owó náà jẹ́ 80,000 + 2,400r.”

Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí gbólóhùn tó kẹ́yìn níbẹ̀, torí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kọ. Ẹni tó ní ojúlówó ìwé lọ́wọ́, tó rí i pé 15% ló wà níbẹ̀, á kàn fi 15 sí ipò r, á rí ₦116,000, kò ní máa padà wá bi mí. Bí ìbéèrè náà kò bá sì ní A sí D rárá, gbólóhùn yẹn fúnra rẹ̀ ló di ìdáhùn, 12 tàbí 10 kò sì ní ju àpẹẹrẹ lọ. Kíkọ “ìbéèrè kò pé” lásán kò tó, nítorí pé kò sọ ibi tí kò pé àti ohun tí a lè ṣe bí ó bá pé.

Ihò tí ẹ rí kọ́ ló léwu jù. Ẹ wo èyí: “Wá iye x bí 3x + 5 = 2”. Ó pé, àbí? Ìdáhùn rẹ̀ ni x = −1, kò sì sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìlà òkè rẹ̀ bá ti sọ lẹ́tà kan tàbí méjì nù, kí ló mú un dá wa lójú pé 2 yẹn kì í ṣe orí 20? Bí ó bá jẹ́ 20, x jẹ́ 5. Bí ó bá jẹ́ 26, x jẹ́ 7. Gígé náà bọ́ sí ibi tí ohun tó kù ti nítumọ̀, ojú sì ń fò ó. Nítorí náà, bí ìlà kan bá ti gé lójú ewé, ẹ fura sí gbogbo ìlà tó dé etí yẹn, kódà èyí tó dà bí ẹni pé ó pé. Ẹ wo àmì ìdánudúró tó yẹ kó wà lẹ́yìn nọ́ńbà tó kẹ́yìn. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ewé bóyá nọ́ńbà ojú ewé ṣì wà níbẹ̀. Bí ìyẹn bá ti lọ nígbà tó wà lójú àwọn ewé yòókù, ó ṣeé ṣe kí (d) kan ti bá a lọ.

Àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń ka ìwé àtayébáyé ti bá ìṣòro yìí jà pẹ́. Ní 1931, ní ìlú Leiden ní Netherlands, wọ́n fẹnu kò lórí àmì tí wọn yóò máa lò: ohun tó sọnù tí wọ́n sì dá padà, inú àmì [ ] ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, kí òǹkàwé lè mọ èyí tó wà lójú ìwé yàtọ̀ sí èyí tó ti ọwọ́ wọn wá. Àwa náà lè kọ “ọd[ún]” àti “1[2%]” báyẹn. Bóyá kò sì sí ìbéèrè ìṣirò tí wọ́n tíì jiyàn lé lórí tó ìkẹwàá nínú pápírọ́ọ̀sì ìṣirò àwọn ará Íjíbítì tó wà ní Mọsko. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere níbi tó ti yẹ kó sọ irú ohun tí a ń wọn ojú rẹ̀. Ní 1930, Struve ní ìdajì bọ́ọ̀lù ni. Ní 1931, Peet ní ó lè jẹ́ ìdajì ohun tó rí bí ọ̀pá róbótó, pé akọ̀wé fo ìwọ̀n kan. Ìdáhùn akọ̀wé náà jẹ́ 32, ọ̀nà méjèèjì ló sì bá a mu, nítorí náà ìdáhùn kò lè parí ìjà. Èyí ni kì í jẹ́ kí n gbà fún ẹni tó bá ní “ìdáhùn mi ti bọ́ sí i, a jẹ́ pé bí mo ṣe rò ó ló rí.”

Ìgbà kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ méfò rárá, ìyẹn ìgbà tí ẹni tó ní ojúlówó ìwé wà ní àrọ́wọ́tó. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, etí ọ̀tún ìbéèrè keje ti gé lẹ́yìn ‘jẹ́ 1’. Ẹ bá mi tún ún yà.” Ẹ rí i pé ọmọ náà sọ nọ́ńbà ìbéèrè, ó sọ ẹ̀gbẹ́ tó gé, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn tó hàn, tíṣà kò ní ya gbogbo ìwé náà látòkè délẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ọwọ́ ni kí ẹ nà sókè, kí ẹ ní kí alábòójútó fún yín ní ìwé ìbéèrè mìíràn, torí pé ti ẹni tó jókòó tì yín lè pé. Bí kò bá sí òmíràn, ẹ kọ ohun tí ẹ gbà sí òkè ìdáhùn. Bí ó bá sì jẹ́ pé (d) kan ló lọ pátápátá, tí kò ku ọ̀rọ̀ kan tí a lè fi mọ ohun tó ń bèèrè, ẹ dáhùn (a) dé (c), ẹ kọ pé “(d) kò sí lórí bébà mi”, kí ẹ sì bọ́ sí ìbéèrè tó kàn.