Abílátíìfù Àdádúró àti Sọ́bújọ́ńtíìfù nínú Ìhìnrere Mátíù ti Èdè Látìn

Nínú orí kìíní àti orí kejì Ìhìnrere Mátíù, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Gíríìkì lo ìhun kan náà láti fi sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ tàbí tí ó ti ṣẹlẹ̀ kí olórí awẹ́ gbólóhùn tó dé. Ìhun náà ni jẹ́nítíìfù àdádúró: a ó mú ọ̀rọ̀-orúkọ kan àti pátísípù kan, a ó fi àwọn méjèèjì sí ìrísí jẹ́nítíìfù, a ó sì yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára ìyókù gbólóhùn. A rí i ní 1:18, 1:20, 2:1, 2:13 àti 2:19. Nígbà tí a bá ṣí Bíbélì Látìn, Fúlúgáàtà, ìhun kan yìí ti di méjì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó di abílátíìfù àdádúró, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó sì di awẹ́ gbólóhùn tí «cum» ṣáájú, tí ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀ wà ní sọ́bújọ́ńtíìfù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ka Látìn sábà máa ń wá ìyàtọ̀ ìtumọ̀ sí ibi yìí. Èrò tèmi ni pé gírámà Látìn ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi léèrè.

Ọ̀ràn náà bẹ̀rẹ̀ láti ara ohun tí Látìn kò ní. Gíríìkì ní pátísípù fún «ẹni tí ó ti lọ» àti fún «ẹni tí a ti rán». Látìn ní ti ìkejì, ṣùgbọ́n kò ní ti ìkíní, àfi fún ìwọ̀nba ọ̀rọ̀-ìṣe tí ìrísí wọn jọ «a ṣe é» nígbà tí ìtumọ̀ wọn jẹ́ «ó ṣe é». Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó túmọ̀ sí «kú» ní 2:19 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ìdí nìyí tí «defuncto Herode» fi rọrùn: Hẹ́rọ́dù ti kú, iṣẹ́ ti parí, ó sì kù sí ohun tí áńgẹ́lì yóò sọ. Ṣùgbọ́n ní 2:13, níbi tí àwọn amòye ti padà lọ, ọ̀rọ̀-ìṣe tí atúmọ̀ lò kò ní irú pátísípù bẹ́ẹ̀. Ó sá lọ sọ́dọ̀ «cum recessissent». Ní 1:18 ẹ̀wẹ̀, pátísípù wà tí ó lè lò fún àfẹ́sọ́nà Màríà, ṣùgbọ́n Màríà yìí náà ni olùwà olórí awẹ́ gbólóhùn. Gírámà àtijọ́ kò gbà kí ẹni tí ó wà nínú àpólà àdádúró tún jẹ́ olùwà gbólóhùn, nítorí náà «cum» ni ó tún bá a mu.

Ní 2:1, kò sí ìdí kankan nínú méjèèjì. «Bí» ní Látìn wà lára àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ní pátísípù tí a fẹ́, àwọn amòye sì ni olùwà olórí awẹ́ gbólóhùn. Síbẹ̀ «cum natus esset» ni a kà. Mo rò pé ẹrù tí awẹ́ náà gbé, ìyẹn orúkọ ìlú àti ìgbà ọba, ni ó mú kí ẹ̀kún awẹ́ gbólóhùn tẹ́ atúmọ̀ lọ́rùn ju àpólà kúkúrú lọ.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí sọ́bújọ́ńtíìfù inú «cum» yìí tàn yín jẹ. Kò sọ iyè méjì kankan. Wọ́n bí Jésù ní tòótọ́, àwọn amòye sì lọ ní tòótọ́. Mo ti rí ìtumọ̀ tí ó fi «ì bá» tàbí «bóyá» sí irú ibi bẹ́ẹ̀ nítorí pé ìwé gírámà sọ pé ìrísí àìdájú ni sọ́bújọ́ńtíìfù. «Nígbà tí wọ́n ti padà lọ» tó, «ti» sì ni ó ń gbé ìparí iṣẹ́ náà.

Ibi tí ọ̀ràn ti le ni 1:20, «haec eo cogitante». Jósẹ́fù ń ro bí yóò ṣe kọ Màríà sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, áńgẹ́lì sì yọ sí i. Pátísípù Gíríìkì wo ìrònú náà gẹ́gẹ́ bí odindi ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀. Nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe Látìn tí atúmọ̀ lò kò ní pátísípù fún «ẹni tí ó ti rò», ó mú pátísípù ìsinsìnyí, ìrònú tí ó parí sì di ìrònú tí ó ń lọ lọ́wọ́. Ó tún jẹ́ kí Jósẹ́fù kan náà wà nínú àpólà àdádúró àti nínú olórí awẹ́ gbólóhùn («sí i»), bí ó ti wà ní Gíríìkì gan-an. Ẹni tí ó bá ń tẹ̀ lé gírámà àtijọ́ kò ní kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Yorùbá kò jẹ́ kí a fi ọ̀ràn yìí pamọ́. Bí a bá kọ «bí ó ti ń ro nǹkan wọ̀nyí», áńgẹ́lì já lu ìrònú tí kò tíì parí. Bí a bá kọ «nígbà tí ó ti ro nǹkan wọ̀nyí», Jósẹ́fù ti pinnu, áńgẹ́lì sì wá yí ìpinnu rẹ̀ padà. Ẹni tí ó ń túmọ̀ láti inú Látìn gbọ́dọ̀ lo «ń», nítorí ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ó wá kọ àlàyé pé Jẹ́rómù fẹ́ fi Jósẹ́fù hàn bí ẹni tí ń ṣiyèméjì. Nígbà tí Póòpù Dámásù gbé iṣẹ́ Ìhìnrere fún Jẹ́rómù, àtúnṣe ìtumọ̀ Látìn tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ni ó ṣe, ó sì sọ nínú ìwé ìṣáájú rẹ̀ pé ibi tí ó dà bíi pé ìtumọ̀ yí padà nìkan ni òun fọwọ́ kàn.

Sọ́bújọ́ńtíìfù kan wà nínú orí yìí, síbẹ̀, tí ìtumọ̀ wà lórí rẹ̀, tí Jẹ́rómù fúnra rẹ̀ sì jà fún. Òun ni «antequam convenirent» ní 1:18: kí Jósẹ́fù àti Màríà tó pàdé. Hẹlifídíù ti sọ pé bí a bá ní «kí wọ́n tó pàdé», a ti gbà pé wọ́n padà pàdé lẹ́yìn náà. Jẹ́rómù dá a lóhùn nínú ìwé tí ó kọ ta kò ó ní nǹkan bí ọdún 383. Ó fi àpẹẹrẹ ẹni tí ó ṣíkọ̀ lọ sí Áfíríkà kí ó tó jẹun ọ̀sán ní èbúté ṣàlàyé ara rẹ̀: ṣé dandan ni kí ẹni náà padà wá jẹun ní èbúté yẹn?

Yorùbá kò ní ìṣòro níbí, nítorí pé «kí» tí ó wà nínú «kí… tó» ni «kí» kan náà tí a fi ń sọ ohun tí a fẹ́ tàbí tí a ń retí, bíi «kí ó lọ» tàbí «kí ó lè ṣẹ». «Kí ó tó jẹun, ó ti kú»: kò sí ẹni tí yóò gbọ́ èyí tí yóò béèrè ohun tí ó jẹ. Bí ìbápàdé náà ṣẹlẹ̀ bí kò ṣẹlẹ̀, «kí wọ́n tó pàdé» kò sọ ọ́, bí sọ́bújọ́ńtíìfù Látìn náà kò ti sọ ọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ara mọ́ Hẹlifídíù ní láti fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un, irú bíi «lẹ́yìn náà ni wọ́n tó wá pàdé», èyí tí kò sí nínú ìwé.

Ní 1:25 ni Yorùbá ti lè ṣe ju Látìn lọ. «Donec peperit» kì í ṣe sọ́bújọ́ńtíìfù rárá. Ìbímọ náà ṣẹlẹ̀, Látìn sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní ìndíkétíìfù. Bí a bá kọ «kò mọ̀ ọ́n títí ó fi bí ọmọ», etí Yorùbá yóò gbọ́ pé nǹkan yí padà lẹ́yìn ìbí. Jẹ́rómù tọ́ka sí ìlérí tí ó parí Mátíù, pé Jésù yóò wà pẹ̀lú àwọn ọmọ-ẹ̀yìn títí òpin ayé, láti fi hàn pé «títí» kò já ohun tí ó wà ṣáájú rẹ̀ kúrò. Ìyẹn tọ̀nà ní Yorùbá náà nígbà tí «títí» bá darí sí àsìkò, bíi «títí dòpin ayé». Ṣùgbọ́n «títí ó fi» ń darí sí ìṣẹ̀lẹ̀, ó sì fa ìyípadà tọ̀ ọ́ wá. «Ní gbogbo ìgbà tí kò tíì bímọ, kò mọ̀ ọ́n» ni mo rò pé ó sún mọ́ Látìn jù, bí ó tilẹ̀ gùn, nítorí ohun tí ó wà ṣáájú ìbí nìkan ni ó sọ.